Ọ̀rọ̀ Ìbúra Ààrẹ Wa: Ìlérí Méjì, Àdúrà Kan

Ọ̀rọ̀ tí ààrẹ tuntun ẹgbẹ́ wa sọ lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un kò gùn rárá. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn kan ti ń pín in kiri lórí fóònù pé irú rẹ̀ kò sí rí, àwọn mìíràn sì ń dáhùn pé ẹnu dùn-ún ròfọ́. Mi ò dìbò fún un. Mo tètè sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń wá ipò. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ náà dára ju gbogbo irú rẹ̀ tí mo ti gbọ́ láti ọdún kìíní mi níbí lọ, ṣùgbọ́n nínú ètò mẹ́ta tó kà fún wa, méjì péré ni ìlérí. Ẹ̀kẹta, àdúrà ni. Ẹ̀ka wa ni wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀, nítorí náà kò yẹ kó jẹ́ àwa ni yóò pàtẹ́wọ́ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ṣe dáadáa jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó sọ nípa àwọn méjì tí wọ́n jọ díje. Gbogbo wa la mọ bí ìdìbò ọ̀hún ṣe rí. Ìbò tó fi wọlé kò pọ̀ rárá, àwọn kan nínú ọdún kejì sì ti ń sọ pé àwọn kò ní san owó ẹgbẹ́ fún ẹni tí àwọn kò yàn. Ohun tí àwọn ààrẹ tó ti kọjá máa ń ṣe níbi báyìí ni pé wọn yóò ní, "Mo kí àwọn alátakò mi, kò sí ẹni tó borí, kò sí ẹni tó pòfo," wọn yóò sì yára kọjá sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tó pòfo mọ̀ dájú pé òun pòfo. Irú ìkíni bẹ́ẹ̀ máa ń dà bí ẹni tó gba oúnjẹ ọwọ́ èèyàn tán tó wá ń kí i pé ó kú ebi.

Ààrẹ wa tuntun kò lo "alátakò" rárá. "Àwọn tí a jọ díje" ló pè wọ́n, ó sì dárúkọ àwọn méjèèjì ní kíkún. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan pàtó nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nípa ẹni tó gbé ipò kejì, ó ní ètò àkójọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àti ohùn tí a gbà sílẹ̀ nínú ìwádìí kì í ṣe tòun, inú ìwé ìlérí ẹni náà lòun ti mú un, òun sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó wá darí iṣẹ́ náà. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni ọ̀hún lẹ́yìn ìpàdé. Òótọ́ ni, ó ti lọ bá a ṣáájú ọjọ́ ìbúra. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. Bí ó bá jẹ́ pé orí pèpéle ló ti kọ́kọ́ sọ ọ́, pańpẹ́ ni ì bá jẹ́: bí ẹni náà bá kọ̀, wọn yóò ní inú ló ń bí i, bí ó bá gbà, wọn yóò ní wọ́n ti rà á.

Ohun kejì tí mo ṣàkíyèsí kéré débi pé àfi ẹni tó bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ tiwa ló lè gbọ́ ọ. Arọ́pò-orúkọ ni. Ẹ rántí pé "a" tí à ń lò nínú èdè Yorùbá kò sọ bóyá ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀. Àwọn Fúlàní ya méjèèjì sọ́tọ̀: "en" ni wọ́n ń lò bí ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀ bá wà lára wa, "min" ni wọ́n sì ń lò bí ó bá jẹ́ àwa láìsí ìwọ. Yorùbá kò ní irú ìyapa yẹn. Nítorí náà, bí olórí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bá ní "A ti borí," àwọn tó tẹ̀ lé e yóò gbọ́ ọ pé gbogbo wa ni, ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ̀ lé ẹlòmíràn yóò gbọ́ ọ pé àwọn yẹn ló borí àwa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, etí ló yàtọ̀.

Mo tẹ́tí sí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí èyí. Níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìdìbò, "mo" ló ń lò: mo wọlé, mo dúpẹ́, mo gbọ́ ẹ̀sùn. Ìgbà tó dé orí iṣẹ́ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo "a", àní "gbogbo wa" ló fi ń tì í lẹ́yìn nígbà púpọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Àmọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn yìí ni wọ́n jókòó sí ìlà kẹta, mo sì rí i pé wọn kò dìde kúrò.

Ẹ̀sùn tí mo mẹ́nu bà yẹn ló kan ẹnì kejì tí wọ́n jọ díje. Ẹni yẹn ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìdìbò pé orúkọ àwọn kan tó ti san owó ẹgbẹ́ kò sí nínú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò, ọjọ́ ìdìbò gan-an ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri. Ààrẹ tuntun lè dákẹ́ lórí èyí. Ó ti wọlé, ìgbìmọ̀ sì ti gbé èsì jáde. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní òótọ́ wà nínú ẹ̀sùn náà.

Èyí rán mi létí Umaru Yar'Adua. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 2007, nígbà tí wọ́n búra fún un ní Àbújá, ó sọ fún gbogbo Nàìjíríà pé ìdìbò tó gbé òun wọlé ní àléébù. Kò sí olórí kan tí irú ọ̀rọ̀ yẹn rọrùn fún, nítorí ẹni tó bá ní ọjà òun kò dára tó ń fẹ́ ta á ni. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó ní òun yóò gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti yẹ ètò ìdìbò wò, nínú oṣù Kẹjọ ọdún yẹn náà ló sì gbé e kalẹ̀, pẹ̀lú Adájọ́ Muhammadu Uwais gẹ́gẹ́ bí alága. Wọ́n fi àbọ̀ ìwádìí wọn jẹ́ ẹ ní òpin 2008. Bóyá wọ́n lo gbogbo àbá ìgbìmọ̀ náà tàbí wọn kò lò ó tó, àríyànjiyàn mìíràn nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ọ̀rọ̀ nípa àwọn tó pòfo di ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ kàn: ìgbìmọ̀ kan, alága kan, ìwé àbọ̀ kan.

Èyí ló gbé mi dé orí ìlérí fúnra rẹ̀. J. L. Austin, nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ní fásitì Harvard ní 1955, ló kọ́ wa pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣe pé wọ́n ń ròyìn nǹkan, bí a ṣe ń sọ wọ́n ni nǹkan ọ̀hún ń ṣẹlẹ̀. "Mo búra" kì í ṣe ìròyìn nípa ìbúra, ìbúra náà ni. Ní 1969, John Searle wá tú ìlérí palẹ̀, ó sì ka àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó tó lè jẹ́ ìlérí. Mẹ́ta nínú wọn ló wúlò fún wa níbí. Ẹni tó ń ṣèlérí gbọ́dọ̀ máa sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe. Ó gbọ́dọ̀ ní i lọ́kàn láti ṣe é, èyí tó túmọ̀ sí pé ó gbà pé ó wà ní agbára òun. Kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí gbogbo wa mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀ náà, ìbáà sọ̀rọ̀ ìbá má sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde yóò rántí iye ààrẹ tó ti "ṣèlérí" ayẹyẹ ìkíni káàbọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ọdọọdún la máa ń ṣe é. Bí adìyẹ bá ṣèlérí pé òun yóò kọ ní ìdájí, kí ni ẹ fẹ́ kí a bá a yọ̀ fún?

Àdánwò mìíràn tún wà tó jẹ́ ti Yorùbá pọ́ńbélé: ẹ wá ẹni tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń tọ́ka sí. Èdè wa kò ní ọ̀nà tí gẹ̀ẹ́sì fi ń gbé olùṣe pamọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n a ní "wọ́n" tí kì í ṣe ẹnì kankan, a sì ní "a ó rí sí i." Gbólóhùn yẹn ni mo rò pé ó ti pa ìlérí jù ní ilẹ̀ yìí. Ta ni "a"? Kí ni "rí sí"? Ọjọ́ wo? Àwọn olùkọ́ wa ṣì ń jiyàn bóyá "yóò" jẹ́ atọ́ka àsìkò tàbí nǹkan mìíràn, mi ò sì ní dá sí ìjà àgbà, àmọ́ ohun tí mo mọ̀ ni pé "yóò" nìkan kò dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi èyí wo ètò àkọ́kọ́ ààrẹ wa. Ó ní: "Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, èmi àti akápò yóò lẹ ìwé owó tó wọlé àti owó tó jáde mọ́ pátákó ẹ̀ka, a ó sì fọwọ́ sí i." Olùṣe wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, ibi tí a ó ti rí i wà níbẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ kejì bá bẹ̀rẹ̀ tí pátákó sì ṣófo, a kò nílò agbẹjọ́rò kí a tó mọ̀ pé ó ti yẹ̀. Ìlérí gidi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìwé owó lè wà lórí pátákó kó má sọ nǹkan kan. Mo ti ka irú rẹ̀ ní ọdún kejì mi, ìlà mẹ́rin péré, ọ̀kan nínú wọn sì ni "ìnáwó oríṣiríṣi." Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ó máa wò. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 200 san 2,500 náírà. 500,000 náírà nìyẹn. Ká wá ní ìwé náà sọ pé ayẹyẹ ìkíni káàbọ̀ gba 180,000, ìwé ìròyìn àti títẹ̀wé gba 72,000, owó ọkọ̀ lọ sí ìdíje gba 40,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 292,000, ohun tó yẹ kó kù sì ni 208,000. Bí ìwé báńkì bá wá fi 183,000 hàn, ibo ni 25,000 wà? Kì í ṣe olè ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ o. Ó lè jẹ́ owó tí wọ́n ti fi há télọ̀ lọ́wọ́ tí iṣẹ́ kò tíì parí, ó sì lè jẹ́ pé àwọn mẹ́wàá san owó sọ́wọ́ akápò tí kò tíì kó o lọ sí báńkì, nítorí ọ̀nà mẹ́wàá 2,500 ni 25,000 gan-an. Àmọ́ ìwé tí kò bá fi owó báńkì síbẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ìbéèrè yẹn rárá.

Àti ohun kan tí kò ná wa ní kọ́bọ̀: owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ oṣù yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ owó tí wọ́n fi parí oṣù tó kọjá. Ẹ ya àwòrán ìwé oṣù kọ̀ọ̀kan sínú fóònù yín, kí ẹ fi ọ̀kan wé èkejì. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń yọjú. Àwọn tí wọ́n ní àwọn kò ní san owó ẹgbẹ́, mo rò pé ìwé yìí ló lè yí wọn lọ́kàn padà ju ìkíni lọ, bí ó bá sọ iye ẹni tó san ní ọdún kọ̀ọ̀kan.

Ètò kejì ni àkójọ tó yá lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ díje, ìyẹn ni pé kí a kó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àti ohùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà sílẹ̀ pa mọ́ síbi kan. Òun náà jẹ́ ìlérí, nítorí ó sọ iye tí wọ́n fẹ́ kó jọ kí sáà àkọ́kọ́ tó parí, ó sì sọ ẹni tí yóò darí rẹ̀. Lójú tèmi, ohùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wà lórí pákó ìwé, ó lè dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ìyá àgbà tí ẹnì kan gbà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tàbí Oǹdó wà nínú fóònù tí wọ́n lè jí lọ́la, ìyá náà sì lè má sí mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa fi wáásáàpù gbà á, torí ó ń fún ohùn pọ̀, ohun tí a sì nílò fún ìwádìí fónẹ́tíìkì ni ohùn tí kò tíì lọ síbì kankan. Orúkọ fáìlì náà gbọ́dọ̀ sọ nǹkan. `ikale_2024_obinrin_60.wav` dára ju `ohun1_tuntun_gangan.wav` lọ, bí ẹ bá sì wo inú ẹ̀rọ tiyín, ẹ ó rí irú kejì yẹn. Kí ó tó wọ àkójọ, kí ẹni tó sọ̀rọ̀ ti gbà pé kí àwọn ẹlòmíràn máa gbọ́ òun. Bí kò bá sí ìyọ̀ǹda yẹn, ó sàn kó má wọlé.

Ìṣòro kan ṣoṣo tí mo rí níbẹ̀ ni owó. Kò sọ iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Tí ẹni tó pòfo bá gba iṣẹ́ láìgba owó iṣẹ́, àfi kí ó fi àpò ara rẹ̀ ṣe é, tí iṣẹ́ náà bá sì dẹnu kọlẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ni yóò bà jẹ́, kì í ṣe ti ààrẹ. Kí ìwé owó oṣù àkọ́kọ́ fi ìlà kan sílẹ̀ fún àkójọ, bó tilẹ̀ jẹ́ owó ibi ìpamọ́ kan péré.

Ó wá ku ẹ̀kẹta. "A ó rí sí i pé èsì ìdánwò ń jáde ní kíákíá." Ẹ ti gbọ́ ọ. Ariwo tó tẹ̀ lé gbólóhùn yìí ju ti méjì yòókù lọ, èmi náà sì mọ ìdí rẹ̀, torí èmi náà ti dúró de èsì títí ọkàn mi fi pin. Ṣùgbọ́n ẹ tọ èsì lẹ́sẹ̀. Olùkọ́ ni yóò máàkì ìwé. Ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ ẹ̀ka yóò jókòó lé e, yóò lọ sí ìgbìmọ̀ fákọ́tì, Sẹ́néètì ni yóò wá fọwọ́ sí i. Èwo nínú àwọn ìjókòó yìí ni ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àga? Kò sí ọ̀kan. Òun kọ́ ni olùṣe, kò sì sí ní agbára rẹ̀. Èèyàn lè fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, kó sì gbàdúrà sí i, ṣùgbọ́n kò lè ṣèlérí rẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé tí èsì bá tètè jáde, yóò gba ìyìn fún iṣẹ́ tí kò ṣe. Tí kò bá sì jáde, àwọn ọmọ ọdún kejì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti jókòó tì í yóò pè é ní onírọ́.

Ohun tó wà ní agbára rẹ̀ nípa èsì kéré, ó sì wúlò. Ó lè kó orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹni tí èsì kọ́ọ̀sì kan kò hàn fún, kí ó tò ó ní kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì mú un lọ bá olùkọ́ tó ń mójú tó ìdánwò lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kí ogójì èèyàn máa kan ilẹ̀kùn kan náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ní "màá mú ìwé orúkọ yẹn lọ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tí èsì bá jáde," mi ò ní rí nǹkan kan wí.

Àmọ́ bó bá jẹ́ èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ náà, èsì kọ́ ni ì bá jẹ́ ẹ̀kẹta rárá. Ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ni. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ lórí pèpéle pé òótọ́ wà nínú ẹ̀sùn náà, ó sì wá fi í sílẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà tí kò wọlé. Yar'Adua gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ààrẹ tiwa kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ìlà kan ni: kí ìwé orúkọ náà wà lórí pátákó ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìdìbò, kí ẹni tí kò rí ara rẹ̀ mú rìsíìtì rẹ̀ wá, kí wọ́n fi kún un, kí wọ́n sì pa ìwé náà dé ní ọjọ́ mẹ́ta sí ìdìbò. Rìsíìtì owó ẹgbẹ́ tó ti ṣèlérí láti máa kà lóṣooṣù ni yóò fi ṣe é, nítorí náà ìdajì iṣẹ́ náà ti wà nínú ètò àkọ́kọ́. Agbára rẹ̀ ká a. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ti ṣe é rí. Ẹni tó kọ ẹ̀sùn ọ̀hún yóò sì mọ̀ pé wọ́n gbọ́ òun.

Ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà ní òpin oṣù yìí, àyè sì wà fún ìbéèrè. Màá nawọ́. Ohun tí màá béèrè ni bóyá ó lè fi ìwé orúkọ pààrọ̀ èsì ìdánwò, kí ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú "èmi" àti ọjọ́, bí ó ṣe sọ ti owó. Tí ẹ bá wá, ẹ mú rìsíìtì yín dání, torí akápò ti ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́jọ́ náà.